Ẹjọ́ Lókè, Àdúrà Nísàlẹ̀

Inú mi máa ń tètè bí. Kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa bi ara yín pé kí ló ń ṣe obìnrin yìí. Ẹni tó sì bí mi nínú jù ní gbogbo àárín àwọn ọdún 1990 ni bàbá kan tó ń gbé ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó ní báírò pupa kan tí yíǹkì rẹ̀ kì í tán.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọ́bù. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, Ìlọ́bù ni mo lọ́kọ sí, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Sáńdíwìṣì ni mo fi ń ka dìgírì mi. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti gba họlidé, àwa tíṣà wọn náà á kó bàgì, a ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní yunifásítì, kí wọ́n máa pariwo mọ́ àwa náà. Mo ti ṣe gbogbo ìdánwò tán. Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ló kù, kí n sì tó lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ pirópósà, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí mo fẹ́ wádìí àti bí mo ṣe fẹ́ wádìí rẹ̀. Súpáfáísọ̀ mi, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí họlidé tó parí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ kò sì sí fún mi. Ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màámi, ló ń bá mi mú ọmọ tí mò ń tọ́ lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan báyìí tó sanra bí ẹni tí wọ́n ń fi ọtí bọ́. Màámi sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé họlidé yìí ni òun ṣe mọ. Tó bá ti parí, òun ń lọ sí Kàdúná lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin. Bí Màámi bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò mú ọmọ, bí kò bá sì sẹ́ni tí yóò mú ọmọ, dìgírì mi kú nìyẹn.

Bàbá súpáfáísọ̀ yìí máa ń wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, Sátidé ló sì máa ń rí àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, lórí fàráńdà ilé rẹ̀ ní Ìfọ́n. Láti Ìlọ́bù, kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ aṣọ tó dáa, mo kó pirópósà mi tí ataìpu kan ní Òṣogbo ti tẹ̀ dáadáa, mo lọ kúnlẹ̀ kí bàbá àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbé omi wá fún mi, ó wọlé lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo jókòó, mò ń retí kí ó yìn mí.

Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Ó wá gbé ojú sókè.

"Tíṣà, ẹjọ́ ta lò ń rò yìí?"

Mo ní, "Ìṣòro ni, sà. Àlàyé ìṣòro ni wọ́n ní ká kọ síbẹ̀."

Ó bá kà á sókè. "‘Ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn òbí kò ka ẹ̀kọ́ sí mọ́. Ìjọba kì í san owó oṣù lásìkò. Tẹlifíṣàn ti ba àwọn ọmọ jẹ́. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n. Àwọn ọmọ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́. Ìwé kíkà ti di ohun ìgbàgbé.’ Háà, tíṣà! Kí ló kan bẹntiróòlù nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Bí kò bá sí epo, sà, tíṣà tó ń ti Òṣogbo wá á pẹ́."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo èròǹgbà, ohun tí ìwádìí náà fẹ́ ṣe." Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó tún gbé ohùn sókè. "‘Kí àwọn òbí lè fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Kí ojú ìjọba lè là. Kí àwọn ọmọ wa lè di ènìyàn pàtàkì lọ́la. Kí ìlú wa lè ní ìlọsíwájú. Kí orílẹ̀-èdè wa lè tòrò.’"

"Àmín o! Lágbára Ọlọ́run!" Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti inú pálọ̀. Obìnrin náà rò pé àdúrà là ń gbà.

Bàbá sọ báírò sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Owó ataìpu ni mò ń rò.

"O ò rí i?" ó ní. "Ẹjọ́ lo rò lókè, àdúrà lo gbà nísàlẹ̀. Ṣé o máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní ìdánwò tí wọ́n á ti fi ìlà so ọ̀rọ̀ apá òsì mọ́ ti apá ọ̀tún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ológbò mọ́ eku, àgbẹ̀ mọ́ ọkọ́."

"Wá ṣe tìrẹ."

Ó kọ ìṣòro mi méjèèje sí apá òsì, ó kọ èròǹgbà mi márààrún sí apá ọ̀tún, ó na báírò pupa sí mi. Mo mú un. Bẹntiróòlù: èwo ló fẹ́ wo bẹntiróòlù sàn nínú àwọn márùn-ún yẹn? Kò sí. Tẹlifíṣàn ńkọ́? Kò sí. Kí orílẹ̀-èdè tòrò: ìṣòro wo ló bí i? N kò rí ìyá rẹ̀. Àwọn òbí nìkan ni mo rò pé wọ́n pàdé, mo sì fẹ́ fa ìlà níbẹ̀, ni bàbá bá di ọwọ́ mi mú.

"Dúró ná. ‘Kí àwọn òbí lè fẹ́ràn ẹ̀kọ́.’ Nígbà tí o bá parí iṣẹ́, kí lo máa fi hàn mí tí màá fi gbà pé wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀? Ìfẹ́ náà, kóńgò mélòó ni? Ká tiẹ̀ ní o rí i wọ̀n, ṣé ìwé ìwádìí ló ń jẹ́ kí òbí fẹ́ràn nǹkan? Ìwádìí ń wá ohun tó wà. Kì í ṣe òun ló máa tún ayé ṣe."

Ó gba báírò rẹ̀ pa dà, ó kọ òdo ńlá sórí pirópósà mi, ó fi kún un pé, "Gbìyànjú sí i." Ohun tí èmi alára máa ń kọ sínú ìwé àwọn ọmọ nìyẹn lójoojúmọ́. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dun ènìyàn nìyẹn!

Mo délé, mo ju bàgì sílẹ̀. Màámi gbé ọmọ fún mi kó tó dáhùn ìkíni mi.

"Kí ni bàbá náà wí?"

"Ó ní n kò mọ nǹkan tí mò ń ṣe, mà."

Màámi pòṣé. "Ìwọ náà kò gbọ́n tó. Ará Ìfọ́n ni. O gbé ìwé tó kún fún Ìlọ́bù, Ìlọ́bù, Ìlọ́bù lọ bá ará Ìfọ́n, o sì rò pé inú rẹ̀ á dùn? Fi Ìfọ́n sí i. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ìlú òun?"

Ẹni tó bá mọ ìjà ilẹ̀ tó ti wà láàárín ìlú méjèèjì yìí láti ayé àwọn baba ńlá mọ̀ pé ìmọ̀ràn ìyá náà kì í ṣe ìsọkúsọ. Ó tiẹ̀ wọ̀ mí lára. Inú mi dùn pé ẹ̀bi kì í ṣe tèmi, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Mo jókòó ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo tún un kọ. Mo yọ bẹntiróòlù. Mo yọ tẹlifíṣàn. Mo fi ohun tí a lè wọ̀n sí i, nítorí bàbá ní òun fẹ́ ohun tí a lè wọ̀n. Mo kọ pé èròǹgbà ìwádìí mi ni láti fi òye àwọn ọmọ Ìlọ́bù wé òye àwọn ọmọ Ìfọ́n, kí a lè mọ ìlú tí orí àwọn ọmọ rẹ̀ pé jù. Mo ní, ẹ wò ó, máàkì ni màá fi wọ̀n ọ́n. Kí ló tún kù?

Ní Sátidé kejì, bàbá ka ibẹ̀, ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá àwọn ọmọ! Ẹ jáde wá. Tíṣà ti di ogun sínú àpòòwé, ó gbé e wá sílé wa."

Ìyàwó jáde, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Bàbá ka èròǹgbà náà fún un. Obìnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé Ìlọ́bù ni wọ́n bí èmi sí?" ó ní.

Mo ní, "Háà! N kò mọ̀, mà."

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún ará Ìfọ́n tó jókòó yìí. Kọ́láàmù wo lo fẹ́ kọ wọ́n sí?"

Bàbá ní, "Bí o bá parí ìwádìí yìí, tí o rí ìlú tó borí, ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà relé? Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ohun tí a lè wọ̀n lo kọ lóòótọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n wo òkè. ‘Ìwé kíkà ti di ohun ìgbàgbé.’ Ìṣòro ìwé kíkà lo gbé kalẹ̀, o wá ń wọn ìlú tó gbọ́n jù. Ẹni tí inú ń run lo fi tépù wọn gíga rẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní, "Sà, ẹ dákun, kí gan-an lẹ fẹ́ kí n kọ?" Ohùn mi sì lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ níwájú àgbà. Mo tún kúnlẹ̀ wéré.

Kò bínú. Ó ní, "Dìde. Gbàgbé ìwé yẹn. Kí ni ojú rẹ rí ní kíláàsì tó mú ọ sọ pé o fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìwé kíkà?"

Mo sọ fún un. Mo ní, ní praímárì fọ́ọ̀ tí mò ń kọ́, mo ní kí ọmọbìnrin kan dìde kàwé Yorùbá fún wa. Ó dìde, ó kà á geere, kò ṣì í, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo sún mọ́ ọn láti fọwọ́ pa á lórí, ni mo rí i pé ìwé náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a yí i pa dà, mo ṣí ojú ewé mìíràn, mo ní kó kà á. Ó tún ka ti àkọ́kọ́ yẹn fún mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn yòókù títí ó fi há a sórí.

Tọkọtaya náà kígbe ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, nítorí mo rántí ojú ọmọ náà, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ̀wé.

"Èyí gan-an ni ìṣòro!" bàbá ní. "Níbo ló wà nínú pirópósà rẹ?"

"Kò sí níbẹ̀, sà. Ojú ló ń tì mí. Kíláàsì mi ni. Mo sì rò pé yunifásítì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá."

"Ọ̀rọ̀ ńlá kì í wọ inú ìwọ̀n. Irú ọmọ yẹn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó?"

"Wọ́n… wọ́n pọ̀ gan-an, sà."

"O ò rí i pé o ò mọ̀? Èròǹgbà kìn-ín-ní nìyẹn. Kí lo rò pé ó fà á?"

Mo ní àwọn kan kò ní ìwé tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń yọjú. Àwọn mìíràn kì í wá ní ọjọ́ ọjà, wọ́n á bá ìyá wọn lọ. Ó ní, ṣé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àbí mo rò bẹ́ẹ̀? Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ṣé ẹnikẹ́ni ti wò ó ní àwọn ilé-ìwé Ìlọ́bù rí? Mo ní n kò gbọ́ ọ rí. Ó ní, "Lọ kọ ohun tí o sọ fún wa yìí. Sátidé tó ń bọ̀ ni òpin o. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ti pa dà sí yunifásítì, wọn ò sì ní gba pirópósà mọ́."

Mo sáré relé. Inú mi ń dùn, orí mi ti ń kọ̀wé. Mo wọ yàrá, mo bá Màámi tó ń di ẹrù.

"Màámi, họlidé kò tíì parí!"

"Ó parí fún mi." Ó ń ká ìró. "Orúnkún ń dùn mí. Ọmọ rẹ wúwo. Kànga jìnnà. Èmi nìkan ni mò ń jókòó láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń lọ sí Kàdúná lọ́la."

Ohun tí mo máa ń sọ bó bá ti ń ráhùn ni pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ ó jèrè ọmọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá súpáfáísọ̀ bá dún létí mi: ẹjọ́ lókè, àdúrà nísàlẹ̀. Ìyá yìí ti ń rojọ́ fún mi láti ìgbà tí họlidé ti bẹ̀rẹ̀, àdúrà lásán ni mo sì ń gbà fún un.

Mo wá ṣọ́ọ̀kì jáde nínú bàgì. Mo kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí apá òsì ilẹ̀kùn yàrá, mo sì ń kà á fún un: orúnkún, ọmọ, kànga, ọ̀rọ̀. Mo kọ Kàdúná sí apá ọ̀tún.

"Kí lò ń ba ilẹ̀kùn ọmọ mi jẹ́ fún?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ilé wo ni àǹtí, ọmọ yín, ń gbé ní Kàdúná?"

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

"Orúnkún yín máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ò lè so ìyẹn mọ́ Kàdúná. Ọmọ ńkọ́? Ṣé àǹtí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni?"

Màámi dá ìró tó ń ká dúró.

"Ọmọ méjì dípò ẹyọ kan, mà. Ìyẹn náà kò ṣeé so. Omi ńkọ́?"

"Wọ́n ní ẹ̀rọ wà níbẹ̀," ó ní kíákíá.

Mo fa ìlà kan. Òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́. "Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Ṣé ẹ gbọ́ Hausa?"

Ìyá jókòó sórí ẹrù rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Irú iṣẹ́kíṣẹ́ wo ni bàbá Ìfọ́n yẹn ń kọ́ ọ?" Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ yí pa dà. Ó ní, "Kò burú. Kì í ṣe Kàdúná ni. O máa ń jáde, o máa ń wọlé, o máa ń jókòó ti ìwé. Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kúulé, mà. Bí ẹni kí aládùúgbò. Èmi tí mo pọn ọmọ rẹ kí o lè kọ ìwé, n kò mọ ohun tí o kọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ gan-an. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò máa pọn omi, kí n sì máa jókòó ti òun lójoojúmọ́ bí ọmọ bá ti ń sun oorun ọ̀sán, títí ọmọ á fi jí, kí n máa sọ ohun tí mò ń kọ fún òun. A lè rí èyí. A lè mọ ọjọ́ tí mo bá ṣe é àti ọjọ́ tí n kò ṣe é. Màámi fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dì í tán, kò sì tú u. Ó ní òun máa wò ó títí Sátidé.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ Màámi ni mo ti kọ pirópósà náà. Mo máa ń sọ ọ́ fún un kí n tó kọ ọ́, ohun tí kò bá sì yé e, mo mọ̀ pé kò tíì yé èmi náà. Mo kọ pé àwọn ọmọ kan ní praímárì fọ́ọ̀ ní Ìlọ́bù ń ka ìwé láti orí láì mọ̀ ọ́n kà, pé àwa tíṣà ń rò pé àìníwèé ló fà á àbí ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n pé kò sẹ́ni tó tíì wádìí rẹ̀ níbẹ̀. Èròǹgbà mẹ́ta ló bí: láti mọ iye ọmọ, nínú ọgọ́rùn-ún, tó lè ka àyọkà praímárì tíríì tí wọn kò rí rí láì ṣì ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, láti mọ̀ bóyá àwọn tó ní ìwé tiwọn ń kà á dáa ju àwọn tí kò ní lọ, láti mọ̀ bóyá àwọn tó ń pa ọjọ́ ọjà jẹ ń ṣì í ju àwọn tó ń wá lọ. Ilé-ìwé mẹ́rin, láàárín táàmù kan.

Màámi ló ní, "Àyọkà tí wọn kò rí rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á há a."

Mo tún fi ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra: láti mú kí ìwé kíkà sunwọ̀n sí i ní gbogbo Ìlọ́bù.

Ní Sátidé ìkẹyìn, bàbá mú báírò pupa. Ó fa ìlà kìn-ín-ní, ó dé ibi tó ń lọ. Ó fa èkejì. Ó fa ẹ̀kẹta. Ó dé orí ẹ̀kẹrin, ó gbé báírò dúró.

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹ wá ṣe àmín!"

"Àmín o!" ni ìyàwó rẹ̀ wí láti inú ilé.

Ó fi ìlà pa á. Ó ní ìrètí nìyẹn, kí n gbé e lọ sí ibi tí mo ti ń sọ àǹfààní ìwádìí, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀ wà. Ó wá kọ mẹ́ta nínú mẹ́ta sókè, ó kọ "Ó dára," ó fọwọ́ sí i. Mo wólẹ̀ lórí fàráńdà náà.

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ ó pẹ́ láyé, sà!"

"Kí n pẹ́ tó ìgbà wo?" bàbá ní. "Kí la máa fi wọ̀n ọ́n?"

Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún Màámi, ó sì jí àwàdà náà gbé lójú ẹsẹ̀. Ó tú ẹrù rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tí mo bá ti ní, "Ẹ ó pẹ́ fún wa, mà," yóò ní, "Kí n pẹ́ tó ìgbà wo, ìyàwó?" Èmi á ní, "Títí ọmọ tí ẹ pọ̀n yìí á fi wọ yunifásítì, mà." Yóò ní, "Ìyẹn ṣeé wọ̀n." A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Mo gba dìgírì mi. Ọmọ náà ti dé ẹsẹ́ẹ̀sì tú ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí Màámi fi ayé sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọ yunifásítì, mo wá jókòó sí ibi tí Màámi máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, mo ka ìwé tí wọ́n fi gba ọmọ náà wọlé sókè, láti orí dé ìdí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ohun tí mò ń kọ fún un. Èròǹgbà wa kò yọrí tán. Ó kù díẹ̀, mà.